Iná Kò Sí: Ṣé Ìdí Ni, Àbí Àwáwí?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Bí ènìyàn bá ṣèlérí pé òun yóò wá sójú ogun, tí ọjọ́ pé, tí kò wá, tí ó sì ní ìdí tí ojú gbogbo ayé rí, ṣé ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi? Kí ẹ tó dá mi lóhùn, kí n tètè sọ pé ogun tí mò ń wí kì í ṣe ti ìbọn àti àdá. Ogun orí fóònù ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ọdún kìíní ní yunifásítì yìí tí wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí ogun orí fóònù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó dá ìjà náà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé rárá.

Orúkọ géèmù náà ni Clash of Clans. Ilẹ̀ Finland ni wọ́n ti ṣe é, ó sì jáde ní 2012. Ìlú kékeré kan ni o máa ń kọ́, o ó mọ odi yí i ká, o ó kó ọmọ ogun jọ, o ó sì wọ ẹgbẹ́ kan tí kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 50 lọ. Nínú ẹgbẹ́ wa, Leader ni ó wà lójú fóònù, ṣùgbọ́n Balógun ni a ń pè é, èmi sì ni Ọ̀tún, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn Co-leader. Akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wa, àwọn kan ti kàwé jáde, ẹnìkan ń sìnrú ìlú lọ́wọ́.

Ogun ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ wọ inú géèmù náà ní 2014. Nínú ogun yẹn, ìkọlù méjì ni olúkúlùkù ní, nítorí náà bí ẹnìkan kò bá wá, ẹlòmíràn lè fi ìkọlù rẹ̀ kejì dí àlàfo náà. Ogun yẹn kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Èyí tó ń dá a sílẹ̀ ni líìgì tí wọ́n mú wá ní 2018. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n máa ń kó pọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì bá àwọn méje yòókù jà, ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 7. Ènìyàn 15 ni àwa máa ń kó jáde lójúmọ́, ìkọlù kan ṣoṣo péré sì ni olúkúlùkù ní. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló wà lára ìlú ọ̀tá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan bí o bá wó ìdajì rẹ̀, ọ̀kan bí o bá wó gbọ̀ngàn àárín ìlú, ẹ̀kẹta bí o kò bá fi ẹyọ ilé kan sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 45 ni gbogbo rẹ̀. Bí o kò bá lo ìkọlù tìrẹ, ó ṣòfò nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè bá ọ lò ó.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì fún ẹjọ́ yìí. Kí ogun kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ kan máa ń wà, wákàtí 24 gbáko. Nínú ọjọ́ yẹn, Balógun lè yọ ènìyàn kúrò lára àwọn 15, kí ó fi ẹlòmíràn tó ti forúkọ sílẹ̀ fún líìgì dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ọjọ́ ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Èyí já sí pé ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Ohun tí a ń béèrè ni pé, "Ṣé o máa wà níbẹ̀ lọ́la?" Ta ló sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iná ọ̀la ní ilẹ̀ wa?

Orí Wọ́sáàpù ni a ti ń ṣètò. Balógun á kọ àwọn 15 sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, yóò kọ nọ́ńbà ìlú ọ̀tá tí olúkúlùkù yóò kọlù, yóò sì kọ wákàtí tí yóò jà. Ẹni tó bá gbà á tẹ àmì àtàǹpàkò sí i. Ẹ wò ó, àtàǹpàkò yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ rò pé ó yẹ kí a bá wí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Láyé àtijọ́, tí ènìyàn bá fẹ́ dá májẹ̀mú, ó ní ohun tí yóò fi ọwọ́ kàn, ó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ẹnu sọ, àwọn ẹlẹ́rìí á sì wà níbẹ̀. Lónìí, ènìyàn lè wà lórí ọ̀kadà kí ó tẹ àtàǹpàkò. Ó lè jẹ́ pé "mo ti rí i" ni ó ń wí, kí Balógun kà á sí "mo gbà". A ti béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan rí pé kí ló dé tí o tẹ àtàǹpàkò tí o kò sì jà, ó ní òun kàn ń kí Balógun kú iṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní kí olúkúlùkù kọ ọ́ jáde ní ọ̀rọ̀: "Mo gbà, aago báyìí." Ó dín àríyànjiyàn kù, kò sì pa á.

Ó yá, ẹjọ́ náà rèé. Ọjọ́ karùn-ún líìgì ni. Ogun yóò parí ní aago 8:40 alẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, Ẹ̀kẹrin ni a ó pè é níhìn-ín, ìlú wọn ni ó wà, ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n jà jù nínú ẹgbẹ́ ni, nítorí náà ìkẹyìn ni Balógun máa ń fi wọ́n sí. Ó ní ìdí rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá mú ìràwọ̀ kan lára ìlú kan, ẹni tó bá tún kọlù ìlú náà kò lè fi ju méjì kún un mọ́. Ẹni tó bá jà gbẹ̀yìn ni yóò rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, yóò sì mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti wúlò jù. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ Ẹ̀kẹrin. Ó sì kọ ọ́ jáde: "Mo gbà, aago 6." Ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì, iná lọ ní gbogbo àdúgbò wọn.

Títí di aago 8 alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀tá ti jà tán, wọ́n ní ìràwọ̀ 38. Àwa ní 36, ìkọlù kan péré ló sì kù wá kù, ti Ẹ̀kẹrin. Ìlú kẹsàn-án wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Bí ó bá mú mẹ́ta, a borí. Bí ó bá mú méjì, ọgbọọgba ni, ìdá tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wó ni yóò pinnu. A pè é títí, nọ́ńbà kò lọ. Aago 8:40 lù. 36 sí 38.

Balógun kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù pé òfin ni òfin: ẹni tó bá pàdánù ìkọlù ní líìgì yóò jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀ ẹ́, ó gbé ìtàn dé. Ó ní Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé tí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò bá lọ sógun, ó gbọ́dọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí aṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ṣé wọ́n bi Kakaǹfò pé ṣé òjò ló rọ̀ ni? Mo gbádùn àpẹẹrẹ náà, irọ́ kọ́, èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yẹn ń gbá ẹni tó gbé e wá lẹ́yìn. Olórí ogun ni òfin Kakaǹfò dè, kì í ṣe ọmọ ogun. Bí a bá fẹ́ lò ó, ọrùn Balógun ni yóò kọ́kọ́ dé.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, òun ni Òsì wa, dá sí i. Kò wí pé kí a ṣàánú. Ó ní kí a lọ ka ohun tí ó wà lórí Wọ́sáàpù láti òwúrọ̀ àná. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A wá a lọ sókè. Ní aago 10:12 àárọ̀ ọjọ́ ìjà, Ẹ̀kẹrin ti kọ ọ́ pé: "Ẹ káàárọ̀ o. Wọn ò tíì mú iná wá láti òru. Bátìrì mi ku 18. Màá wá ibi tí mo ti lè gba ṣájì kí aago 6 tó lù." Ó tán. Kò sí ẹni tó fèsì. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan nípa bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkọlù kan kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Bátìrì 18 gbé e, ó tilẹ̀ gbé mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ní aago 10:12, Ẹ̀kẹrin lágbára láti jà. Kí ló dé tí kò jà? Nítorí pé ìwé ètò sọ pé aago 6 ni, òfin mìíràn sì wà tí Balógun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jà ṣáájú wákàtí rẹ̀." Ẹ̀kẹrin pa òfin kejì mọ́, òfin kìíní sì mú un.

Nígbà tí ó rí ṣájì gbà lọ́jọ́ kejì, kò bẹ̀, kò sì jà. Àwòrán kan ló fi ránṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé bí o bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ orí Wọ́sáàpù, ìwọ nìkan lo lè wo àwọn tó ti kà á. Ó wo tirẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀: ènìyàn 11 ti ka ọ̀rọ̀ náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Orúkọ Balógun wà níbẹ̀. Tèmi kò sí níbẹ̀, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo wà láti aago 9 di 12, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ohùn mẹ́ta ló jáde. Àwọn kan ní iná kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí a gbàgbé rẹ̀. Mi ò gba ti àwọn yìí. Bí iná bá lè pa gbogbo ìlérí rẹ́ ní ilẹ̀ yìí, a jẹ́ pé kò sí ìlérí kankan tó lè dúró, nítorí kò sí ọjọ́ tí iná kò lè lọ. Balógun wá yí ohùn padà, ó ní òun gbà pé iná kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀kẹrin mọ irú ìlú tó ń lọ, kí ló dé tí kò gba pawa-bánkì dání? Kí ló dé tí kò béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé mo lè jà báyìí?" Ìbéèrè ńlá nìyẹn, mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni ì bá fi béèrè, wàhálà náà ì bá sì tán.

Òsì ní kí a yé ka òwe náà ní ìdajì. Arọ tí òwe ń wí gbọ́n lóòótọ́, ó gbọ́, ó sì tètè gbéra. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ àwítẹ́lẹ̀ níhìn-ín? Aago 10:12 gan-an ni àwítẹ́lẹ̀ náà dún, etí 11 ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tó sọ fún gbogbo ayé pé epo òun ń tán lọ, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdajì tó kù, ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti yí wákàtí padà ló wà.

Ibi tí èmi dúró sí rèé, ẹ sì lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàrin ẹ̀bi àti gbèsè. Bí mo bá yá owó rẹ tí olè jà mí lọ́nà, n kò jẹ̀bi, àmọ́ mo ṣì jẹ ọ́ lówó. Ìdí tó dára máa ń pa ẹ̀bi rẹ́, kì í pa gbèsè rẹ́. Ẹ̀kẹrin kò jẹ̀bi, ó jẹ ẹgbẹ́ ní ìkọlù kan. Lílé ènìyàn jáde, ìyà ẹ̀bi ni, kò tọ́ sí i. Ohun tó tọ́ sí gbèsè ni pé kí a san án. Àwáwí ní tirẹ̀ ni ìdí tó yọjú lẹ́yìn tí ogun ti tán. Èyí tó bá yọjú nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún nǹkan ṣe, ìdí gidi ni. Nítorí náà, wákàtí tí ọ̀rọ̀ jáde ni mo máa ń wò kí n tó wo bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe dùn tó. Ẹnìkan wà tó máa ń sọ fún wa pé àwọn ọmọ ogun òun kò tíì pé ni òun kò ṣe jà. Ìdí ni tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ènìyàn a máa dúró de kíkó wọn jọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta 2025 ni wọ́n ti mú ìdúró yẹn kúrò nínú géèmù. Arákùnrin yìí ṣì ń sọ ọ́.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn kan dá lábàá lọ́jọ́ náà tí mo kọ̀ pátápátá: kí olúkúlùkù fún ẹnìkan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tó ní jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀nà tí ó lè gbà wọ inú géèmù òun, kí ó máa bá a jà bí iná bá lọ. Àwọn tó ni géèmù kò fàyè gbà á, wọ́n lè gba ìlú tí o ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní wọ́n fàyè gbà á, kí ni yóò kù nínú ẹgbẹ́? Ènìyàn mẹ́ta tó ní iná ni yóò máa jà, àwa méjìlá yòókù á jẹ́ orúkọ lásán. Mo mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń borí. Kò sí ẹni tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí a ṣe sí ètò wa kéré, ó sì gbà wá ní alẹ́ méjì láti fẹnu kò sí. A fi ìbéèrè kan kún èyí tí a ń béèrè ní ọjọ́ ìmúrasílẹ̀: "Báwo ni iná yín?" Ẹni tó bá ní kò dájú, wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni yóò jà, ì báà ṣe akọni. Ẹnikẹ́ni tí bátìrì rẹ̀ bá ti wọ 20 lè jà lójú ẹsẹ̀ láì gba àṣẹ, kí ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá jà tán. A sì ń forúkọ ènìyàn 18 sílẹ̀ fún líìgì dípò 15, kí mẹ́ta lè máa jókòó dè wá. Ó ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa o. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n jà bá ti jà lówùúrọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún ibi tí àwọn aláìmọwọ́ bàjẹ́ ṣe ní alẹ́. A máa ń pàdánù ìràwọ̀ kan tàbí méjì báyìí tí a kì bá tí pàdánù. Balógun máa ń kà wọ́n sókè fún mi létí. Lójú tèmi, ìràwọ̀ méjì tó lọ nítorí a jà sàn ju mẹ́ta tó lọ nítorí a kò jà, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe ìsọkúsọ.

Ti Ẹ̀kẹrin wá ńkọ́? A kò lé e. Ní ìparí líìgì, àwọn àmì-ẹ̀yẹ àfikún máa ń wà tí olórí yóò pín fún àwọn tó bá wù ú, wọn kì í sì í kárí. Balógun kò fún un. Òsì bínú, ó ní ìyà ni ó tún fi pamọ́ sínú ẹ̀bùn. Èmi ní ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀tọ́, ẹni tí kò gba ẹ̀bùn kò tíì jìyà. Ó ní kí n tún un rò: bí ènìyàn 14 bá mọ ìdí tí a kò fi fún ẹnìkan, ṣé kì í ṣe ìyà nìyẹn? Mo ṣì ń rò ó. Ẹ̀kẹrin fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa àmì-ẹ̀yẹ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí: "Mo gbà. Iná mi kò dájú. Ẹ fi mí sí aago àkọ́kọ́."